Sílàìdì 19 ni wọ́n sin òótọ́ sí

Lánàá ni ọ̀rẹ́ mi kan fi sílàìdì 24 ránṣẹ́ sí mi pé kí n bá òun wò ó kóun tó gbé e síwájú ìgbìmọ̀ tó ń darí pírójẹ́ẹ̀tì wọn. Iṣẹ́ náà ti kú. Òun náà mọ̀, gbogbo tíìmù mọ̀. Mò ń ṣí i lọ, mò ń ṣí i lọ, àwòrán tíìmù, ìtàn bí iṣẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀, "àwọn ohun tí a gbé ṣe", àwọ̀ ewé tó ń sọ pé gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa káàkiri, ó di sílàìdì 19 kí n tó rí ìlà tín-ín-rín kan tó ní "àwọn ìpèníjà kan wà tó lè mú kí ọjọ́ ìparí yí padà". Ìpèníjà kan! Iṣẹ́ tí owó ẹ̀ ti tán, tí ẹnì kankan ò lò. Inú bí mi débi pé mi ò lè dá a lóhùn títí ilẹ̀ fi ṣú, torí èmi náà ti fẹ́ ṣe irú ẹ̀ gan-an rí.

Tèmi rèé. Wọ́n ní ká kó àkọsílẹ̀ àwọn oníbàárà kúrò nínú sísítẹ́ẹ̀mù mẹ́ta tó ti gbó, ká kó o pọ̀ sínú tuntun kan. Oṣù 9 la dá, oṣù 14 la dá iṣẹ́ dúró, nínú ọ́fíìsì 6 tó yẹ kó máa lò ó, kò sí ẹyọ kan tó lò ó. Ní oṣù kẹta a fi àkọsílẹ̀ 500 dán an wò, gbogbo ẹ̀ wọlé wẹ́rẹ́, a yọ̀. Ohun tá ò kọ sínú rípọ́ọ̀tù ni pé àwa fúnra wa ti fọwọ́ tún 500 yẹn ṣe kó tó wọlé. Nǹkan bí 100 nínú ẹ̀ ló ní àléébù, èyí ò ní ọjọ́ ìbí, èyí jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n kọ orúkọ ẹnì kan náà, èèyàn méjì sì fi odindi ọ̀sẹ̀ kan wá a wò nínú fáìlì ìwé, wọ́n ń pe oníbàárà lórí fóònù. Gbogbo àkọsílẹ̀ tó wà nílẹ̀ jẹ́ 180,000. Tí ìkan nínú márùn-ún bá ní àléébù, 36,000 nìyẹn. Èèyàn méjì, 100 lọ́sẹ̀: ọ̀sẹ̀ 360, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún 7.

Ìṣirò tí èèyàn lè ṣe sẹ́yìn ìwé ni o. Àbúrò wa kan nínú tíìmù tiẹ̀ sọ ọ́ ní oṣù kẹrin, ó ní "Ẹ̀gbọ́n, fáìlì tá a fi dán an wò yìí ò jọ èyí tó wà nílẹ̀ o." Mo ní a máa rí i ṣe. Láti oṣù karùn-ún sí ìkẹjọ, yẹ́lò tó ń sọ pé ká ṣọ́ra ni mò ń kùn sí rípọ́ọ̀tù níbi tó yẹ kí n kùn ún ní pupa tó ń sọ pé wàhálà ti dé, a wá jókòó ti bí ojú ìwé tuntun náà ṣe máa rẹwà, a fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá.

Nígbà tó di pé mo máa lọ dúró níwájú ìgbìmọ̀, mo kọ irú ohun tí ọ̀rẹ́ mi kọ yìí. Mo gbé e fún ọ̀gá mi àgbà kan ní ẹ̀ka míì, màmá náà ò kà á dé ìdajì, wọ́n ní "Tó o bá parí ọ̀rọ̀ ẹ, kí lo fẹ́ kí wọ́n ṣe?" Mi ò rí ohun kan sọ. Wọ́n ní kí n lọ kọ ìyẹn ná.

Bí mo ṣe da gbogbo ẹ̀ nù nìyẹn. Ojú ìwé kan péré ló kù. Ìlà àkọ́kọ́: "Iṣẹ́ yìí ò yọrí, a fẹ́ kí ẹ fọwọ́ sí i ká dá a dúró." Lábẹ́ ẹ̀, ohun tá a ṣèlérí, ohun tó wà nílẹ̀, iye tó ti lọ. Lẹ́yìn náà ìṣirò ọ̀sẹ̀ 360 yẹn, torí òun nìdí ọ̀rọ̀. Ìdajì ojú ìwé tó kù, ẹ̀kọ́ àti ohun tó kàn ni.

Ẹ̀kọ́ ló fún mi níṣẹ́ jù. Mo kọ́kọ́ kọ pé "a gbọ́dọ̀ túbọ̀ máa bára wa sọ̀rọ̀ dáadáa". Ẹ̀kọ́ wo nìyẹn? Ta ló fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dún tó ń bọ̀ bóyá a ṣe é? Mo pa á rẹ́, mo kọ méjì péré. Ìkíní, owó apá kejì iṣẹ́ ò ní jáde mọ́ àfi tí ẹni tí kò sí nínú tíìmù bá fúnra ẹ̀ mú àkọsílẹ̀ 1,000 láìṣà á, tá a fi dán an wò bó ṣe wà, a ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Ìkejì, olórí iṣẹ́ kọ́ ló máa yan àwọ̀ rípọ́ọ̀tù mọ́, tí àkọsílẹ̀ tí sísítẹ́ẹ̀mù tuntun dá padà bá ti lé ní márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, pupa ni, kò sí àríyànjiyàn. Mo kọ orúkọ ẹni tó máa fi í sínú fọ́ọ̀mù ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ sí i, àti ọjọ́ tó máa parí ẹ̀.

Kí mítìn-ìn tó dé, mo lọ bá àwọn márààrún nínú ìgbìmọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹni tó ni owó ni mo kọ́kọ́ rí. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ irú ìròyìn yìí láàárín ẹgbẹ́ ẹ̀, ara ẹ̀ ló máa kọ́kọ́ gbà sílẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ló sì sọ fún mi pé oṣù mẹ́rin péré ló kù kí àdéhùn sísítẹ́ẹ̀mù àtijọ́ tán. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀! Ká ní mi ò lọ bá a ni, à bá dá tuntun dúró, kí ti àtijọ́ tún kú mọ́ wa lọ́wọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ní àwọn ọ̀gá ò fẹ́ gbọ́ ìròyìn burúkú, ẹ rántí Columbia, ọkọ̀ òfuurufú Amẹ́ríkà. Oṣù kìíní 2003 ni fóòmù já lu apá ẹ̀ nígbà tó ń gbéra. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ṣe sílàìdì lórí ẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ ṣì wà lókè, àkọlé ẹ̀ fọkàn ẹni balẹ̀, ó di ìsàlẹ̀ pátápátá kó tó sọ pé fóòmù tí wọ́n fi ṣe ìdánwò tẹ́lẹ̀ jẹ́ ínṣì kúbíìkì 3, èyí tó lu ọkọ̀ sì tó 1,920. Ọjọ́ kìíní oṣù kejì, ọkọ̀ náà fọ́ sáfẹ́fẹ́ pẹ̀lú èèyàn méje. Ìgbìmọ̀ tó wádìí ẹ̀ bu ẹnu àtẹ́ lu sílàìdì yẹn nínú ìwé tí wọ́n gbé jáde lóṣù kẹjọ. Mi ò ní sílàìdì ló pa wọ́n o, àmọ́ nígbà tí mo kà á, 500 tèmi ni mo rí níbẹ̀.

Lọ́jọ́ mítìn-ìn, alága kà á tán, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ní "Ta ló mọ̀, ìgbà wo ló sì mọ̀?" Mo ní "Oṣù kẹrin, èmi ni." Ó mi orí. Gbogbo àkókò tó kù, ohun tó kàn ni wọ́n sọ. Wọ́n fọwọ́ sí i ká dá a dúró, ká fi ọdún kan kún àdéhùn àtijọ́. Ìkẹta tí mo bẹ̀bẹ̀ fún, pé ká fi ọ̀sẹ̀ 8 tún àkọsílẹ̀ ọ́fíìsì kan péré ṣe ká fi mọ iye tó máa ná wa gan-an, wọn ò fọwọ́ sí ìyẹn, wọ́n ní kí n mú un padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta.

Ohun kan ṣì ń jẹ mí lọ́kàn. "Ẹnì kan nínú tíìmù ti kìlọ̀" ni mo kọ, mi ò dárúkọ àbúrò yẹn, mo rò pé mò ń dáàbò bò ó ni. Lẹ́yìn mítìn-ìn ló wá bá mi, ó ní "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀ṣẹ̀ yín ní orúkọ, èmi tí mo rí i ò ní." Títí dòní mi ò mọ̀ bóyá mo ṣe é re.

Ọ̀rẹ́ mi pè mí láàárọ̀ yìí lẹ́yìn tí mo ti kọ gbogbo ìbínú mi ránṣẹ́ sí i. Ó ní ọ̀gá òun ló fọwọ́ sí àwọ̀ ewé yẹn, tóun bá gbé pupa jáde, òpùrọ́ lòun pe ọ̀gá òun níwájú àwọn èèyàn. Mi ò ronú kan ìyẹn, ọ̀gá tèmi ò kùn nǹkan kan, èmi ni mo kùn ún. Mo ní kó kọ́kọ́ gbé ojú ìwé kan yẹn lọ bá ọ̀gá ẹ̀ ní òun nìkan, kí àwọn yòókù tó rí i. Ó ní òun á wò ó. Ọ̀la ni mítìn-ìn wọn, kò tíì pè mí padà.