Ẹ Má Fi Náílọ́ọ̀nù Di Oògùn Ẹ̀jẹ̀ fún Aboyún Mọ́

Àwọn aláṣẹ ìlera ti sọ̀rọ̀ lórí ọmọ tó kó oògùn ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ̀ jẹ ní Ìkòròdú. Ohun tí wọ́n rí sọ kò ju pé kí àwọn òbí máa ṣọ́ra, kí wọ́n sì máa gbé oògùn sókè. Wọn ò sọ nǹkan kan nípa náílọ́ọ̀nù tí wọ́n da oògùn náà sí kí wọ́n tó gbé e fún ìyá ọmọ. Àwọn àgbà ní ká kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, ká tó fàbọ̀ bá adìẹ. Ìyá ọmọ ni ìkéde yìí bá wí látòkè dé ìsàlẹ̀, akátá ṣì wà nínú àgbàlá.

A ti sọ ọ́ lójú ìwé yìí rí, a ó sì tún un sọ. Níbi ìpàdé aboyún, inú ike ńlá tó ń gba ẹgbẹ̀rún hóró ni wọ́n ti ń ka oògùn ẹ̀jẹ̀. Wọ́n á kà á sínú náílọ́ọ̀nù pẹlẹbẹ, wọ́n á tẹ ẹnu rẹ̀ pa, ó parí. Oògùn náà pupa, ó ń dán, ṣúgà ni wọ́n fi bò ó lára. Bí ọmọ bá fi ahọ́n kàn án, adùn ló máa kọ́kọ́ bá pàdé. Náílọ́ọ̀nù ọ̀hún gan-an kò ṣàjèjì sí i, nítorí inú irú rẹ̀ ni ẹ̀pà àti ṣínṣín tí wọ́n ń rà fún un lẹ́nu ọ̀nà máa ń wà. Ó mọ̀ pé bó bá ti ń dún wàràwàrà, nǹkan jíjẹ ló wà níbẹ̀. Ó sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi eyín ya á.

Ta ló sì ń gba oògùn yìí? Aboyún ni. Ọ̀pọ̀ aboyún ló sì ní ọmọ ọdún kan àtààbọ̀ sí mẹ́ta nílé, ọmọ tó ti ń rìn, tó ń gun àga, tí gbogbo ohun tó bá rí ń lọ sẹ́nu rẹ̀. Ilé tí ewu wà jù lọ ni a ń kó oògùn náà lọ, ohun tó rọrùn jù fún ọmọ láti ṣí la sì ń fi dì í.

Irin ló wà nínú oògùn ẹ̀jẹ̀ tí àwọn nọ́ọ̀sì ń pè ní fẹ́sóléètì. Hóró kan tó jẹ́ mílígíráàmù 200 ní ojúlówó irin bíi mílígíráàmù 65 nínú. Ó wúlò fún aboyún tó ń lo ẹyọ kan lójúmọ́. Fún ọmọ kékeré tó gbé púpọ̀ mì lẹ́ẹ̀kan, ìṣòro ni, nítorí pé ara ènìyàn kò ní ọ̀nà tó fi ń tú irin tó pọ̀jù dànù. Irin náà á kọ́kọ́ bó ara àpòlúkù àti ìfun, á gba ojú ọgbẹ́ wọnú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀dọ̀ àti ọkàn ni yóò sì dojú kọ lẹ́yìn náà.

Ẹ jẹ́ ká fi ọmọ kan tó wọn kílò 10 ṣe àpẹẹrẹ. Hóró 28 ni wọ́n fún ìyá rẹ̀, ó ti lo márùn-ún, ó yẹ kó ku 23. Ìyá wọlé, ó bá náílọ́ọ̀nù nílẹ̀, ẹnu ọmọ pupa, ó kà á, 14 ló rí. Mẹ́sàn-án ti lọ. Mẹ́sàn-án lọ́nà 65 jẹ́ mílígíráàmù 585. Bí a bá pín in fún kílò mẹ́wàá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílígíráàmù 59 fún kílò kan. Àwọn dókítà mọ̀ pé láti nǹkan bí 20 fún kílò kan sókè, inú ọmọ lè dàrú. Tó bá ti kọjá 60, ó lè gba ẹ̀mí. Hóró mẹ́rin péré ti kọjá ààlà àkọ́kọ́ fún ọmọ yìí, mẹ́wàá sì ti kọjá èkejì. Ká ní ìyá wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tó rí méjì he níbẹ̀, ìyẹn nìkan ló lè yọ kúrò nínú ìṣirò. Èyí tí kò bá rí, kó gbà pé inú ọmọ ló wà. Bí ọmọ méjì bá wà nídìí rẹ̀, kó ka gbogbo ohun tó sọnù sọ́rùn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Àmọ́ ìyá wo ló máa rántí iye tí nọ́ọ̀sì kà fún un lọ́jọ́ márùn-ún sẹ́yìn, nígbà tí kò sí nǹkan kan lára náílọ́ọ̀nù? Orúkọ oògùn kò sí níbẹ̀, iye rẹ̀ kò sí, agbára rẹ̀ kò sí. Bó bá gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà lóru, oògùn pupa ló máa sọ pé ọmọ jẹ, àìmọye oògùn ló sì pupa.

Ohun tó yẹ kí ìyá ṣe ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ kò pọ̀. Kó gba èyí tó kù lọ́wọ́ ọmọ, kó la ẹnu rẹ̀ wò, kó fi ìka yọ èyí tó bá rí ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti lórí ahọ́n, kó má tì ìka wọ ọ̀fun. Kó wo aago, kó sì mú aago náà sọ́kàn. Kó ka oògùn tó kù, kó dà á padà sínú náílọ́ọ̀nù rẹ̀, kó mú gbogbo rẹ̀ dání, kó sì gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn tó ní dókítà lóru àti lọ́sàn-án. Ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì kọ́ ni ibi tí à ń gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ọmọ bá ń sùn lọ tàbí tó ń gìrì, ẹ̀gbẹ́ ni kí wọ́n fi í dùbúlẹ̀ lé, kí wọ́n má ki ṣíbí tàbí nǹkan kan bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ẹni tí kò bá rí ọkọ̀ lè pe 767 tàbí 112, nọ́ńbà pàjáwìrì ìpínlẹ̀ Èkó.

Epo pupa ńkọ́? Ó dá wa lójú pé ní adúgbò yòówù, láti Ìmọ̀ta dé Ìgbógbó, ẹnì kan á ti bẹ́ jáde pẹ̀lú ìgò epo kí ìyá ọmọ tó wọ bàtà. Ẹ gba ìgò náà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Epo kò lè mú irin. Ohun tó máa ń ṣe ni pé ọmọ á bì, epo á sì gba ọ̀nà òdì lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Aṣọ inú ẹ̀dọ̀fóró kò lè fọ epo dànù bó ṣe ń fọ omi, ọmọ tó wá nítorí inú á wá di ọmọ tí kò lè mí. Bẹ́ẹ̀ náà ni omi iyọ̀: iyọ̀ tó pọ̀ nínú ara ọmọ kékeré lè dá gìrì sí i lára. Mílíìkì àti omi àgbọn kò pa oró irin, wọ́n kàn ń jẹ àkókò ni. Ẹni tó bá sì fẹ́ fi ìka fa èébì, kó rántí pé ọ̀fun tí irin ti bó tẹ́lẹ̀ ló tún fẹ́ mú èébì náà gbà.

Ibi tí irin ti ń tan ènìyàn jẹ la fẹ́ kí gbogbo ìyá mọ̀. Láàárín wákàtí mẹ́fà àkọ́kọ́, ọmọ á máa bì, á máa ṣu, ẹ̀jẹ̀ lè wà níbẹ̀, ìgbẹ́ lè dúdú. Lẹ́yìn náà, gbogbo rẹ̀ á rọlẹ̀. Ọmọ á sinmi, ó tiẹ̀ lè béèrè oúnjẹ, àwọn ará ilé á ní epo ti ṣiṣẹ́. Bó ṣe ń sinmi yẹn, irin ti kúrò nínú ìfun, ó ti ń wọnú ẹ̀dọ̀. Kó tó di ọjọ́ kejì, ara rẹ̀ lè tutù, èémí rẹ̀ á máa yára, tó bá sì yá, ojú rẹ̀ lè pọ́n bí ẹ̀dọ̀ bá ti bàjẹ́. Nítorí náà, ọmọ tó bì tó sì wá sinmi kò tíì bọ́. Èyí tí kò ṣe nǹkan kan rárá fún wákàtí mẹ́fà ló sábà máa ń bọ́, àmọ́ ojú dókítà ló yẹ kó ti lo wákàtí mẹ́fà náà.

Dókítà lè ya fọ́tò inú ọmọ, nítorí hóró irin tí kò tíì yòrò máa ń hàn funfun nínú rẹ̀. Èédú tí wọ́n fi ń mú oògùn mìíràn nínú ikùn kò mú irin, kí òbí má bínú bí wọn ò bá fún un. Wọ́n lè fi omi ìfọnù gba imú fọ ìfun ọmọ látòkè délẹ̀. Bí ọ̀ràn bá le, oògùn kan wà tó ń jẹ́ dẹsifẹriọ́sámììnì, tí wọ́n ń pò mọ́ omi, tí wọ́n sì ń fà sí iṣan ọmọ. Ó ń di irin inú ẹ̀jẹ̀ mú, ọmọ á sì tọ̀ ọ́ jáde. Ìtọ̀ rẹ̀ lè pọ́n rẹ́súrẹ́sú lásìkò náà.

Ní ti kí á gbé oògùn sókè, a kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ẹ̀. Àmọ́ yàrá kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ ìdílé ní. Òkè fíríìjì kò ga fún ọmọ tó ti mọ bí wọ́n ṣe ń fa àga. Agolo mílíìkì àti ike bísíkíìtì kò dáa fún oògùn, torí ọmọ ti mọ̀ wọ́n mọ́ oúnjẹ. Àpótí kékeré onírin tó ní kọ́kọ́rọ́, tí wọ́n kàn mọ́ ògiri ju èjìká àgbàlagbà lọ, ló tó, kí kọ́kọ́rọ́ má sì so nísàlẹ̀ rẹ̀. Báàgì ìyá àgbà tó wá wẹ ọmọ tuntun náà yẹ kó gòkè: hóró kan ṣoṣo nínú oògùn àtọ̀gbẹ rẹ̀ lè mú ṣúgà ara ọmọ lọ sílẹ̀ títí di ọjọ́ kejì. Kí a má sì pe oògùn ní súìtì nígbà tí a bá ń rọ ọmọ lò ó.

Ìyá lè ṣe gbogbo èyí, kí náílọ́ọ̀nù ṣì já a kulẹ̀ ní ìṣẹ́jú méjì tó fi lọ pọn omi. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ti rí i pé oògùn irin wà lára ohun tó ń pa ọmọdé jù nínú oògùn tí wọ́n ń ṣèèṣì jẹ. Ní 1997 wọ́n pàṣẹ pé kí wọ́n máa di èyí tó lágbára ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan sínú sáṣẹ́ẹ̀tì tí à ń tẹ oògùn jáde nínú rẹ̀, ikú náà sì já wálẹ̀. Ọmọ ọdún méjì lè tẹ ẹyọ kan tàbí méjì jáde kó tó sú u. Náílọ́ọ̀nù kì í sú ẹnikẹ́ni.

Ohun tí a ń bèèrè fún ni pé kí gbogbo ibi ìpàdé aboyún ní Ìkòròdú fi sáṣẹ́ẹ̀tì rọ́pò ike ẹgbẹ̀rún hóró. Kó tó dìgbà yẹn, kí wọ́n kọ orúkọ oògùn, agbára rẹ̀ àti iye hóró sára ohun tí wọ́n bá dì í sí. Bírò kan ló gbà. Kí wọ́n sì sọ fáráàlú ilé ìwòsàn tí dẹsifẹriọ́sámììnì wà ní àdúgbò yìí, kí ọlọ́mọ má baà máa wá a káàkiri lóru. Wọ́n ní owó sáṣẹ́ẹ̀tì pọ̀ ju ti ike lọ. Ṣé wọ́n ti ka owó bẹ́ẹ̀dì ọmọ kan ní wọ́ọ̀dù pàjáwìrì fún ọjọ́ márùn-ún mọ́ ọn?

A gbọ́ pé wọ́n ti tẹ ìwé ìkìlọ̀ náà, pé wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yàrá tí àwọn aboyún ti ń gba oògùn. Lábẹ́ ògiri yẹn ni tábìlì wà, lórí tábìlì ni ike ńlá náà wà, ìdì náílọ́ọ̀nù sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.