Èsì wa sí oníbàárà tí ẹ̀yìn ẹsẹ̀ ń fà

"Ìràwọ̀ 3. Bàtà yín dára, kì í tètè já. Mo yan híìlì tó nípọn, íǹṣì 3, torí wọ́n ní èyí tó nípọn kì í ba orúnkún jẹ́. Ó ti lé ní ọdún méjì tí mo ti ń wọ irú rẹ̀ lọ sí báǹkì. Ní báyìí, tí mo bá bọ́ bàtà láti kírun, ẹ̀yìn ẹsẹ̀ á máa fà mí, orúnkún sì ń dùn mí lórí àtẹ̀gùn. Ṣé ilẹ̀ tútù ni àbí sílípásì ni?"

Àǹtí mi, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìrora. Kì í ṣe ilẹ̀, kì í ṣe sílípásì. Tí gìgísẹ̀ bá wà lókè láti àárọ̀ dalẹ́, iṣan ẹ̀yìn ojúgun kì í rí ara rẹ̀ nà tán. Bó bá pẹ́, á súnkì, iṣan líle tó so ó mọ́ gìgísẹ̀ á ki, á sì gan. Ní 2010, ìwádìí kan jáde lórí àwọn obìnrin tó ti fi ọdún méjì ó kéré tán wọ híìlì tó tó íǹṣì 2, lẹ́ẹ̀márùn-ún lọ́sẹ̀. Fọ́nrán iṣan wọn fi nǹkan bí ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún kúrú ju ti àwọn tí kì í wọ̀ ọ́. Ẹni tí tiẹ̀ bá ti kúrú báyìí, inú bàtà gogoro ni ara ti ń tù ú. Ìgbà tó bá fi àtẹ́lẹsẹ̀ lélẹ̀ pẹrẹsẹ ni iṣan ń fà á. Ó máa ń dùn mí tí oníbàárà bá torí ẹ̀ padà sínú híìlì, torí ńṣe ni iṣan á túbọ̀ máa kúrú.

Ẹ dán an wò nílé. Ẹ bọ́ bàtà, ẹ kojú sí ògiri, kí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ jìnnà sí ògiri ní íǹṣì 4. Ẹ tẹ orúnkún síwájú títí á fi kan ògiri. Tí gìgísẹ̀ bá gbéra nílẹ̀ kí orúnkún tó kàn án, á jẹ́ pé ọrùn ẹsẹ̀ ti gan.

Ti orúnkún wá. Òótọ́ ni pé híìlì tó nípọn kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ tètè yẹ̀. Ṣùgbọ́n gíga ni orúnkún mọ̀, kò mọ ìnípọn. Tí gìgísẹ̀ bá ga, orúnkún á tẹ̀ díẹ̀ sí i, iṣan iwájú itan á máa ṣiṣẹ́ láìsinmi, á sì máa fún egungun kékeré iwájú orúnkún mọ́ ti itan. Òun ni ẹ ń mọ̀ lára lórí àtẹ̀gùn. Ìwádìí kan ní 2001 fi híìlì tó nípọn wé èyí tó tín-ín-rín: méjèèjì ló fi kún ẹrù tó ń dé bá orúnkún. Ọjọ́ orí, ìsanra àti ìpalára àtijọ́ náà máa ń dá kún oríkèé ríro, torí náà n kò ní di gbogbo rẹ̀ ru bàtà.

Ẹ má kàn bọ́ sínú bàtà pẹrẹsẹ lọ́jọ́ kan ṣoṣo o, iṣan tó ti gan lè tibẹ̀ wú. Ẹ wọ íǹṣì 2 àti ààbọ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, ẹ bọ́ sí 2, lẹ́yìn náà 1 àti ààbọ̀. Láàárọ̀ àti lálẹ́, ẹ fọwọ́ ti ògiri, ẹ na ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn, kí orúnkún rẹ̀ gún, kí gìgísẹ̀ má kúrò nílẹ̀. Ẹ dúró bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá 30, lẹ́ẹ̀mẹ́ta fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ tún un ṣe pẹ̀lú orúnkún títẹ̀ díẹ̀, torí iṣan kan wà nísàlẹ̀ tí ti àkọ́kọ́ kì í nà dáadáa. Kó fà yín ló dára, kó má dùn yín.

Tí ẹ bá fẹ́ ra òmíràn, ẹ fi rúlà wọn ẹ̀yìn, kí ẹ yọ ìnípọn sóòlù iwájú kúrò. Bàtà tí ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 3 tí iwájú sì jẹ́ 1, íǹṣì 2 ló jẹ́ fún ẹsẹ̀. Ẹ má sọ fún ṣọ̀bàtà pé kó gé íǹṣì kan kúrò lára èyí tó wà lọ́wọ́ yín: egungun inú bàtà ti tẹ̀ mọ́ gíga rẹ̀, ẹnu bàtà á gbé sókè, híìlì á sì máa fì sẹ́yìn.

Tí orúnkún bá wú, tó há, tàbí tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ ń kú tipiri, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn. Tó bá jẹ́ ẹ̀yìn ojúgun kan ṣoṣo ló wú, tó gbóná, tó sì ń dùn, ẹ lọ lọ́jọ́ náà gan-an, torí ẹ̀jẹ̀ dídì lè wà níbẹ̀.

A ní bàtà dúdú oníǹṣì 2 àti ààbọ̀ nílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù wa ní àdúgbò Táíwò. Tí ẹ bá ń bọ̀, ẹ wá ní ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́, nígbà tí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀, ká lè mọ nọ́ńbà tó bá yín mu gan-an.