Iṣẹ́ kan náà, owó oṣù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

"Ẹni tí owó oṣù rẹ̀ kéré ni kò mọ bí wọ́n ṣe ń dúnàádúrà."

Irọ́ ni o, jàre! Èmi àti ọ̀rẹ́ mi jọ ń gbowó lọ́wọ́ oníbàárà ní báńkì kan l'Ákùúrẹ́ ni, káńtà wa fara kanra. Lọ́jọ́ kan tí a jókòó ti iyán, ó fi álààtì owó oṣù rẹ̀ hàn mí: ₦180,000. Tèmi? ₦75,000. Òkèlè há mi lọ́fun. Mo délé, mo tú lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ mi wò: orúkọ báńkì tó gba ọ̀rẹ́ mi síṣẹ́ ní tààrà ò sí lórí ẹ̀, ti alágbàṣe tó kó èmi àti àwọn bíi tèmi wá ló wà níbẹ̀. Òun ni báńkì ń sanwó fún, á yọ tiẹ̀ kó tó kàn wá. Ta ni kí n wá bá dúnàádúrà? Ọ̀rẹ́ mi ló sanwó iyán ọjọ́ náà ṣá.