“Ó ti bẹ́ìkì, ó ti parí”: irọ́ ni

Ẹni tó bá ti fi `Blender`, ètò àwòrán 3D orí kọ̀ǹpútà, ṣe aṣọ tàbí irun rí á ti gbọ́ ọ: bí aṣọ bá ń gbọ̀n, ẹ bẹ́ìkì í, bó bá ti bẹ́ìkì tán, ohunkóhun ò lè yí i padà mọ́. Èmi náà máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi, àfi ìgbà tí agbádá kan dójú tì mí.

Bẹ́ìkì kì í tún nǹkan ṣe. Ibi tí kókó kọ̀ọ̀kan lára aṣọ wà ló ń kọ sílẹ̀, fírémù kan tẹ̀ lé òmíràn. Bí aṣọ bá ń gbọ̀n lásìkò tó ń kọ ọ́, gbígbọ̀n yẹn gan-an ló máa wà nínú fáìlì.

Ọkùnrin tó ń jó ló wọ agbádá náà, ó sì ju ọwọ́ sókè lójijì. Fírémù 24 la ń lò fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Mo wọn ọwọ́ rẹ̀: sẹ̀ǹtímítà 120 láàárín fírémù 6, ìyẹn 20 ní fírémù kọ̀ọ̀kan. `Quality Steps` wà ní 5 tó máa ń bá wá, ó túmọ̀ sí pé `Blender` ń pín fírémù kan sí ọ̀nà márùn-ún, ọwọ́ sì ń rin sẹ̀ǹtímítà 4 kí ẹ̀rọ tó tún yẹ aṣọ wò. Bẹ́ẹ̀, àlàfo tí aṣọ fi ń mọ̀ pé nǹkan ti dé tòsí òun, `Distance`, kò ju 0.015 lọ, sẹ̀ǹtímítà kan àbọ̀ péré. Ọwọ́ ti gba inú aṣọ kọjá kó tó mọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀rọ á máa fa aṣọ síbí, á máa tì í sọ́hùn-ún, ẹ̀yin á sì máa rí i tó ń gbọ̀n.

Àwọn kan á ní kí ẹ gbé `Quality Steps` sí 80. Mo ti ṣe é rí, jẹnẹrétọ̀ ló jìyà rẹ̀ mọ́jú. Ẹ kàn pín in: 20 sọ́nà 15 á fún yín ní nǹkan bíi 1.3, ó ti kéré sí 1.5. Mo fi 15 sí i, ó tó. Àmọ́ bí apá bá fún aṣọ pa mọ́ ẹ̀gbẹ́ ara, tí aṣọ ò ríbi sá sí, kò sí iye tó lè gbà á sílẹ̀. Ẹ ṣí apá yẹn díẹ̀ nínú ìjó fúnra rẹ̀.

Bí mo ṣe rò pé ó tán nìyẹn. Mo bẹ́ìkì, mo wò ó, ó dáa. Mo kó o jáde sí `.abc`, fáìlì `Alembic`, mo ṣí i, agbádá ò bá ohun tí mo bẹ́ìkì mu rárá. Ọmọ iṣẹ́ mi ní, “Ọ̀gá, ṣé kí n tún un bẹ́ìkì?” Mo ní kó dúró ná.

Nínú àtòjọ `Modifiers`, `Subdivision Surface` tó ń pín aṣọ sí wẹ́wẹ́ ló wà lókè `Cloth`. Ohun tó bá wà lókè ni `Blender` kọ́kọ́ ń ṣe, nítorí náà aṣọ tó ti pín tẹ́lẹ̀ ni `Cloth` ń gbà. Ìpele 1 la fi sí `Viewport`, ìpele 2 sí `Render`. Aṣọ wa ní kókó bí 1,200, ìpele kan sì máa ń sọ ọ́ di bí ìlọ́po mẹ́rin: ohun tí a bẹ́ìkì jẹ́ nǹkan bí 4,800. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá ń kó `Alembic` jáde, `Use Settings for` máa ń wà ní `Render` bí ẹ ò bá fọwọ́ kàn án. Ló bá di bí 19,200. Ẹ fi àkọsílẹ̀ kókó 4,800 wọ aṣọ kókó 19,200, báwo ni yóò ṣe bá a mu?

Ẹ sún `Subdivision Surface` sísàlẹ̀ `Cloth`, kí ẹ sì tún un bẹ́ìkì lẹ́ẹ̀kan. Láti ìgbà yẹn, kókó 1,200 nìkan ni káàṣì, ìyẹn àkọsílẹ̀ tí bẹ́ìkì ṣe, mọ̀, iye ìpele yòówù tí ẹ bá fẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ ò kàn án. Bí ìdí kan bá wà tí kò fi ṣeé sún, ẹ jẹ́ kí ìpele méjèèjì dọ́gba.

Ti irun `Particle System` yàtọ̀ díẹ̀. Àwọn irun òbí nìkan ni káàṣì ń kọ, àwọn ọmọ tó yí wọn ká ni `Blender` ń ṣírò lójú ẹsẹ̀. 10 ló ń hàn fún òbí kan lójú iṣẹ́, 100 ló ń jáde ní `Render`. Bí irun bá jáde tó ki ju ohun tí ẹ rí lọ, kì í ṣe káàṣì ló bàjẹ́, ẹ má lọ pa á rẹ́.

Ní báyìí, kí n tó fi fáìlì ránṣẹ́, mo máa ń ṣí `.abc` nínú fáìlì òfìfo, mo á tan `Statistics`, mo á fi iye kókó wé ti aṣọ tí mo kó jáde, ní ìpele tí mo fi kó o jáde. Lẹ́yìn náà mo á lọ tààrà sí fírémù tí ọwọ́ ti yára jù, mo á sì tẹ̀ ẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ti agbádá yẹn, fírémù 6 péré ni mo wò.