Pààrọ̀ ni mo fẹ́, n ò fẹ́ àtúnṣe

Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá ni kámẹ́rà kan dé fún mi láti ọ̀dọ̀ oníṣòwò tí mo ti rà á ní Èkó. Mo lọ gba wéébíìlì rẹ̀ ní páàkì Jàbí. Páálí rẹ̀ ò ya, síìlì rẹ̀ ò já. Ṣọ́ọ̀bù kékeré ni mo ní ní Wúsè níbí. Bí kámẹ́rà kan bá bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́, èrè oṣù náà ti lọ nìyẹn.

N kì í gbé ọjà sínú gíláàsì láì fi í ya fọ́tò wò. Nínú ṣọ́ọ̀bù, fọ́tò rẹ̀ dáa. Ìgbà tí mo gbé e jáde sínú oòrùn ni nǹkan dúdú kan bí ìgbátí ìró là kọjá létí gbogbo fọ́tò. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ṣọ́tà ni.

Ohun tó jọ aṣọ ìkélé tín-ín-rín méjì tó wà níwájú sẹ́ńsọ̀, ojú tó ń gba ìmọ́lẹ̀, ni ṣọ́tà. Èkíní á ṣí, èkejì á tẹ̀ lé e láti pa á dé. Nínú ilé tí ìmọ́lẹ̀ ò pọ̀, ìyára ṣọ́tà kò ju 1/60 ìṣẹ́jú àáyá lọ, èkíní á ti ṣí tán kí èkejì tó gbéra. Nínú oòrùn, ó lè tó 1/2000, àwọn méjèèjì á wá máa sáré tẹ̀ lé ara wọn, àlàfo tóóró ló máa wà láàárín wọn. Bí èkíní bá ń lọ́ra, èkejì á lé e bá lójú ọ̀nà, àlàfo á dí, ìmọ́lẹ̀ ò sì ní dé ibi tó kù. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá dán kámẹ́rà wò nínú ṣọ́ọ̀bù nìkan fi máa gbé wàhálà lọ sílé.

Ọ̀pọ̀ nínú wa, tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, ohùn ni a máa ń gbà sórí fóònù: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti pa mí o!" Ẹ̀gbọ́n á rẹ́rìn-ín, á ní ká fún òun ní ọ̀sẹ̀ kan. Lérò tèmi, ẹ jẹ́ kí ẹjọ́ wà lórí ìwé. Ohun tí mo kọ nìyí:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Kámẹ́rà tí mo gbà lọ́jọ́ Ẹtì kò dáa, n kò gbà á gẹ́gẹ́ bí ọjà tí mo san owó fún. Rìsíìtì yín àti fọ́tò nọ́ńbà ara rẹ̀ wà níbí. Ògiri funfun kan náà ni mo yà láti 1/60 títí dé 1/4000. Láti 1/1000 ni dúdú náà ti bẹ̀rẹ̀, ó sì ń fẹ̀ sí i bí ìyára ṣe ń pọ̀. N kò lo fíláàṣì rárá. Mo ya fídíò, èyí tí kì í lo ṣọ́tà yẹn, kò sí dúdú kankan níbẹ̀, torí náà sẹ́ńsọ̀ kọ́ ló ní àrùn. N kò tú síkúrù kankan, n kò tà á. Ẹ fi tuntun ránṣẹ́ kí ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ tó pé. Ẹ̀yin ni kí ẹ san owó wéébíìlì."

Ọ̀rọ̀ fíláàṣì yẹn, mo mọ̀ọ́mọ̀ fi sí i ni. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà tó ní irú ṣọ́tà yìí, bí ara rẹ̀ tilẹ̀ le koko, á gbé dúdú jáde tí ẹ bá fi fíláàṣì yà á kọjá nǹkan bí 1/200. Ibẹ̀ ni oníṣòwò máa ń sá sí: "Ẹ ò mọ̀ ọ́n lò ni."

"N kò tà á" náà ní ìdí. Òfin ọdún 2018 tó ń gbèjà oníbàárà, ẹni tó ra ọjà láti tún tà kọ́ ló ṣe é fún. Òfin títà àti ríra ọjà ti 1893 tí a jogún lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni tiwa, ó sì fún wa láyè láti yẹ ọjà wò ká tó gbà á. Ṣùgbọ́n bí a bá dákẹ́ pẹ́ jù, tàbí tí a ti tà á fún ẹlòmíì, a lè ti gbà á nìyẹn lójú òfin.

Ẹ̀gbọ́n pè mí lálẹ́ àná. Ó ní òun mọ àwọn atúnṣe kan ní Ìkejà tí wọ́n máa pa ṣọ́tà náà dà láàárín ọjọ́ méjì. Mo bi í pé tí wọ́n bá ti tú u, tí wọ́n pààrọ̀ ṣọ́tà, ṣé kí n máa tà á ní tuntun fún ayàwòrán tó fẹ́ gbé e lọ ya ìgbéyàwó ní Gwàrínpa? Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní òun á wo ohun tó kù nínú sítọ́ọ̀. Kámẹ́rà náà wà nínú páálí rẹ̀ lábẹ́ káńtà. Ọjọ́ Ẹtì kù ọjọ́ mẹ́ta.