Kí Ontàjà Tó Bú Oníbàárà Tó Kọ Ọjà, Kó Kọ́kọ́ Ṣírò

Àṣà burúkú kan ti ń gbilẹ̀ láàárín àwọn tó ń tajà lórí WhatsApp àti Instagram. Bí oníbàárà bá ní òun yóò sanwó nígbà tí ọjà bá délé, tí kò sì gbà á mọ́ lẹ́nu ọ̀nà, ontàjà á gbé fọ́tò àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀ síta kí gbogbo ayé lè bú u. Àwa kò fara mọ́ ọn. Òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni ara ẹni, èyí tí wọ́n buwọ́ lù ní 2023, wà fún irú ìwà yìí. Èébú náà kì í sì í jẹ́ kí ontàjà rí ìdí tí wọ́n fi kọ ọjà.

Ìdí tó pọ̀ jù kì í ṣe ìwà ìkà. Obìnrin kan rí báàgì ní ọjọ́ 28 oṣù, owó oṣù ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Dísípáàshì gbé e dé ní ọjọ́ 6 oṣù tó tẹ̀ lé e, owó sì ti bá ọmọ lọ sílé ìwé. Ẹni tó ti sanwó ṣáájú á máa retí ọjà rẹ̀. Ẹni tí kò tíì san kọ́bọ̀, ojoojúmọ́ tí ọjà bá fi pẹ́ lójú ọ̀nà ló ń fún un láyè láti yí ọkàn padà, tàbí láti rí irú rẹ̀ rà nítòsí. Òmíràn fẹ́ tú àpò wò kó tó sanwó, dísípáàshì ní wọn ò gba òun láyè. Òmíràn ti ṣe tiráńsífà, ṣùgbọ́n àláàtì kò wọlé, ẹni tó gbé ọjà wá kò sì lè dúró, torí ibòmíràn ṣì kù tó ń lọ.

Ó tún ku èyí tí kì í tilẹ̀ ṣe kíkọ̀ rárá: dísípáàshì kò débẹ̀, ó kàn kọ ọ́ sílẹ̀ pé “oníbàárà kọ̀ ọ́.” Ọ̀nà láti mọ̀ kò le. Kí ontàjà fúnra rẹ̀ pe oníbàárà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kó bèèrè pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹnikẹ́ni pè yín lónìí?” Kó kọ ìdáhùn sílẹ̀. Lẹ́yìn oṣù kan, bí kíkọ̀ bá pọ̀ sọ́dọ̀ dísípáàshì kan ṣoṣo, òun ni kó wádìí. Bó bá pọ̀ lórí ọjà kan, kó tún fọ́tò ọjà náà wò.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò. Ká ní báàgì náà jẹ́ ₦15,000, a rà á ní ₦9,000, owó ìgbélọ tó wà nínú iye rẹ̀ jẹ́ ₦2,500, àpò àti ìpè fóònù sì jẹ́ ₦500. Èrè orí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ₦3,000. Nínú 100 tí wọ́n béèrè, wọ́n gba 80, wọ́n kọ 20. Ọ̀pọ̀ ontàjà á ní òun jèrè ₦240,000, torí ọjà 20 ṣáà padà wálé. Ṣùgbọ́n ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú 20 yẹn ti jẹ ìgbélọ, ₦500 àpò àti ìpè, àti ₦1,500 ìdápadà: ₦4,500. Bí méjì bá bàjẹ́ lójú ọ̀nà, ₦18,000 tún lọ. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦108,000. Èrè gidi jẹ́ ₦132,000, àwọn 80 tó gba ọjà ló sì ń ru ẹrù náà, ₦1,350 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Ohun tí a bá kà pọ̀ máa ń yí iye padà. Nígbà tí Jumia fẹ́ ta ìpín ìdókòwò rẹ̀ ní Niú Yọ́ọ̀kì lọ́dún 2019, ìwé rẹ̀ sọ pé ọjà tí kò dé ọwọ́ oníbàárà tàbí tí wọ́n dá padà ní 2018 jẹ́ 14.4 nínú 100 iye owó ọjà. Citron, ilé iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí lórí ìpín ìdókòwò, wá fẹ̀sùn kàn án pé 41 nínú 100 ọ́dà ni, àmọ́ èyí ka àwọn tí wọ́n wọ́gi lé mọ́ ọn. Ọ̀kan ń ka owó, èkejì ń ka ọ́dà. Kí ontàjà yan ọ̀kan, kó má sì yí i padà láti oṣù dé oṣù.

Èrò tiwa ni pé kí ontàjà má fòpin sí sísanwó nígbà tí ọjà bá délé, torí ọ̀pọ̀ tí wọ́n ti rẹ́ jẹ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kò ní rajà lọ́nà míràn. Kó gba owó ìgbélọ nìkan ṣáájú, kó yọ ọ́ kúrò nínú iye ọjà lẹ́nu ọ̀nà, kó sì jẹ́ kí wọ́n tú àpò wò. Àwọn kan yóò sá fún un. Ká ní ọ́dà já sí 70, tí wọ́n sì kọ 5: 65 tí wọ́n gbà mú ₦195,000 wá, kíkọ̀ kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìbàjẹ́, sì lọ sílẹ̀ láti ₦5,400 sí ₦2,900, torí ₦2,500 ìgbélọ ti wọlé ṣáájú. Ó ku ₦180,500 lọ́wọ́. Ontàjà tó bá ń ṣiyèméjì lè dán an wò lórí 50 ọ́dà, kó fi wé 50 tó ṣáájú.