Ọjọ́ 14 kì í ṣe ọdún

"Áàpù tó ń yáni lówó ń gba èlé 15%, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ń gba 24%. Ṣé ti áàpù kọ́ ló fúyẹ́ jù?"

Ẹ̀gbọ́n, ó tì o. Ọjọ́ 14 péré ni 15% yẹn wà fún. Ọdún gbáko ni 24%. Ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ ní Akẹ́sán, l'Ọ̀yọ́ níbí, yá ₦20,000 lórí fóònù. Mo fojú ara mi rí àlẹ́ẹ̀tì rẹ̀: ₦17,000 ló wọlé, wọ́n ti kọ́kọ́ yọ èlé ₦3,000. Orí ₦17,000 tó rí ná la ó ti ṣírò, kì í ṣe orí ₦20,000. Ẹ pín 3,000 sí 17,000, ó di 17.6%. Ọjọ́ 14 sì wà nínú ọdún kan ní ìgbà 26. Ẹ wá sọ 17.6 di ìlọ́po 26: nǹkan bí 458% lọ́dún! Bí kò bá rí i san, tí wọ́n tún gbé èlé gorí èlé, á kọjá bẹ́ẹ̀.

Lóòótọ́, ẹni tó yá a lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ₦3,000 náà ni yóò san. Ṣùgbọ́n ₦17,000 yẹn kan náà, fún ọjọ́ 14, ní 24% lọ́dún, èlé rẹ̀ kò tó ₦160.